Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, ọpuáḿpù kan: bí a ṣe fẹ́ pín ìwọ̀n fún wọn nílé òròmọdìẹ

Adìẹ-Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan la jọ ń tọ́jú ilé òròmọdìẹ kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tí wọ́n ń fẹ́ wà láàárín dígírì 32 sí 35, a sì fẹ́ kí hítà máa tan ara rẹ̀, kó máa pa ara rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ooru LM35 mẹ́ta la gbé síbẹ̀. Ọ̀kan wà nílẹ̀ níbi tí àwọn òròmọdìẹ ń sùn sí, ọ̀kan rọ̀ sáàárín ilé, ìkẹta wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀wọ̀n bákan náà. Tilẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà a fẹ́ kó kó 5 nínú 10, kí tàárín kó 3, kí tẹnu ọ̀nà kó 2. Iye kan ṣoṣo ni kó jáde, tí a ó fi darí hítà.

Ọpuáḿpù LM358 ni mo lò. Rẹsítọ̀ 100k ló ti ẹsẹ̀ 1 padà sí ẹsẹ̀ 2. Láti ara sẹ́ńsọ̀ sí ẹsẹ̀ 2, mo fi 20k sí tilẹ̀, 33k sí tàárín, 51k sí tẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ 3 wà ní gíráùn. Bátìrì 12 fólítì kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀: púlọ́ọ̀sì sí ẹsẹ̀ 8, máínọ́ọ̀sì sí ẹsẹ̀ 4, ibẹ̀ náà sì ni gíráùn.

Ohun tó ń jáde kò kúrò ní òdo. Bí mo bá fọwọ́ di sẹ́ńsọ̀ mú títí tó fi móoru, òdo náà ni. Mo ti pààrọ̀ LM358, kò yí padà.

Onírédíò

LM358 tó wà lọ́jà báyìí, ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀. Ra TL072, ìyẹn dára jù ú lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ wà.

Bàbá-Míítà

Adìẹ-Rẹ́mọ, má tíì ra nǹkan kan. Fi míítà kan ẹsẹ̀ 2, kí wáyà dúdú rẹ̀ wà ní gíráùn. Kí lo rí? Sọ bí yàrá náà ṣe gbóná tó pẹ̀lú.

Adìẹ-Rẹ́mọ

Ẹ ṣé, bàbá. Ẹsẹ̀ 2 ń fi 0.27 fólítì hàn. Yàrá wà ní nǹkan bíi dígírì 30. LM35 kọ̀ọ̀kan ń mú 0.30 wá.

Bàbá-Míítà

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. LM358 rẹ kò bàjẹ́, èyí tó o yọ kúrò náà kò sì bàjẹ́. Iṣẹ́ tó o gbé fún un ni kò ṣeé ṣe pẹ̀lú bátìrì kan. Wò ó:

```
Vo = -Rf × (V1/R1 + V2/R2 + V3/R3)
```

Fi ojú sí àmì máínọ́ọ̀sì tó wà níwájú. Rf rẹ jẹ́ 100k. 100 pín sí 20 jẹ́ 5, 100 pín sí 33 jẹ́ 3 àti díẹ̀, 100 pín sí 51 kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí 2. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 10. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú 0.30 wá, ohun tó yẹ kó jáde ni 3 fólítì nísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 4 rẹ wà ní gíráùn. Ọpuáḿpù ò lè lọ sísàlẹ̀ ju iná tó o fún un lọ, nítorí náà ó sọ̀kalẹ̀ dé gíráùn, ó dúró síbẹ̀.

0.27 tó wà ní ẹsẹ̀ 2 ló jẹ́rìí sí i. Nínú sàkíìtì yìí, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọpuáḿpù máa ń fa ẹsẹ̀ 2 wá sí òdo nígbà gbogbo, ohun tó kù kì í ju mílífólítì díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ di èyí mú: ẹsẹ̀ 2 ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Tí kò bá sí ní òdo, agbára ti bọ́ lọ́wọ́ ọpuáḿpù. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń jáde ti kan òpin iná rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé rẹsítọ̀ tó ń dá a padà ti já. Kò sí ìdí láti máa ṣírò ìwọ̀n kankan títí dìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá padà sí òdo.

Òdo yẹn gan-an ló sì ń mú kí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá dúró. Torí pé ẹsẹ̀ 2 kò kúrò ní òdo, iná tó ń gba inú 20k kọjá jẹ́ V1 tí a pín sí 20k, kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ẹnu ọ̀nà tutù tàbí ó gbóná. Sẹ́ńsọ̀ kan kò lè tú iná sínú èkejì. Bó o bá fẹ́ yí ìwọ̀n tàárín padà lọ́la, rẹsítọ̀ rẹ̀ nìkan lo máa yọ, àwọn méjì yòókù wà bí wọ́n ṣe wà.

Wá bátìrì 9 fólítì méjì. So máínọ́ọ̀sì ti àkọ́kọ́ mọ́ púlọ́ọ̀sì ti èkejì: ibi tí wọ́n ti pàdé ni gíráùn rẹ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ 3 àti gíráùn àwọn LM35 yóò lọ. Púlọ́ọ̀sì tó kù lọ sí ẹsẹ̀ 8, máínọ́ọ̀sì tó kù lọ sí ẹsẹ̀ 4. LM35 lè jẹ iná láti 4 fólítì dé 30, nítorí náà 9 yẹn tó o.

Onírédíò, TL072 kò ní yọ ọ́ lórí bátìrì kan. Ẹnu àbáwọlé rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nítòsí máínọ́ọ̀sì iná rẹ̀, gíráùn sì ni máínọ́ọ̀sì náà níbí. Ti LM358 ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣàgámù-Sáúndì

Iṣẹ́ mi rèé. Sàkíìtì tí mo fi ń po gbohùngbohùn mẹ́ta pọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì nìyí, kò yàtọ̀. Ohun tó kù nínú tìẹ ni kapasítọ̀. Fi 10 máíkírófáráàdì kọ̀ọ̀kan síwájú rẹsítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo ariwo á lọ. Kó o sì fi fọ́líọ̀mù 50k sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o lè máa yí ìwọ̀n wọn bó o ṣe fẹ́.

Ìyá-Sọ́dà

Ẹ̀gbọ́n Sáúndì, lóòótọ́ ni pé sàkíìtì kan náà ni, kapasítọ̀ yín sì tọ́ fún ohùn. Ohùn ń lọ ń bọ̀, kapasítọ̀ á jẹ́ kó kọjá. Ooru kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 0.33 fólítì lè dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, kapasítọ̀ á sì dí i pátápátá. Tí Adìẹ-Rẹ́mọ bá fi í síbẹ̀, òdo ni yóò tún máa rí, yóò sì tún rò pé LM358 ló bàjẹ́.

Adìẹ-Rẹ́mọ, jẹ́ kí n bá ọ sọ nípa rẹsítọ̀. 33k àti 51k rẹ kò burú, àṣìṣe inú wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jẹ́ olómi wúrà, àwọn tó lè fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò lórí iye wọn, 20k lè jẹ́ 19k, 100k lè jẹ́ 105k. 5 rẹ ti di 5.5 nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ra 100k nìkan, aláwọ̀ búlúù tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 1 nínú ọgọ́rùn-ún, láti inú ìdì kan náà. Bí a bá so 100k márùn-ún pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di 20k. Mẹ́ta di 33.3k. Méjì di 50k. Nítorí náà márùn-ún lọ sí sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀, mẹ́ta lọ sí tàárín, méjì lọ sí tẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ṣoṣo ni Rf. Iye rẹsítọ̀ tó o kà ni ìwọ̀n tí sẹ́ńsọ̀ náà ní: 5, 3, 2, kò sí ìṣirò kankan. Bí o bá fẹ́ sọ ìwọ̀n di 6, 3, 1, yọ ọ̀kan lára tẹnu ọ̀nà, kó o so ó mọ́ tilẹ̀. Bí ìdì náà lápapọ̀ bá tilẹ̀ ga díẹ̀ ju 100k lọ, gbogbo wọn ló jọ ga, ìpín sí ara wọn kò sì yí padà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí pé ẹni tó bá wá tún sàkíìtì náà ṣe lẹ́yìn mi á fojú rí ìwọ̀n náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Onírédíò

Wáyà tẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ìwé LM35 fúnra rẹ̀ sọ pé kò fẹ́ wáyà gígùn, ohun tó ń jáde lè máa gbọ̀n. Ó ní kí a fi rẹsítọ̀ 2k sí ẹnu sẹ́ńsọ̀ náà. Kó fi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá-Míítà

Òótọ́ ni ìwé náà sọ, ṣùgbọ́n nínú sàkíìtì yìí 2k yẹn kò ní dúró lóun nìkan. Yóò wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú 20k, wọ́n á jọ di 22k, ìwọ̀n ilẹ̀ á bọ́ láti 5 sí 4.5. Tẹnu ọ̀nà tó jẹ́ 50k á di 52k, kò ní jìyà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé àpapọ̀ nìkan ló dín kù, ìpín gan-an ti yí.

Ìwé kan náà fún wa ní ọ̀nà kejì: rẹsítọ̀ 75 óòmù àti kapasítọ̀ 1 máíkírófáráàdì tí a so tẹ̀lé ara wọn, láti ẹnu sẹ́ńsọ̀ lọ sí gíráùn. Ìyẹn kò sí lójú ọ̀nà iná tó ń lọ sí ẹsẹ̀ 2, nítorí náà kò fọwọ́ kan ìwọ̀n. Èyí ni kó o lò. Tí wáyà bá ṣì ń gbé ariwo iná ilé wọlé, kapasítọ̀ 1 máíkírófáráàdì tí kò ní púlọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì, tí a so lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rf, á dín in kù ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n, ooru kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Gààrí-Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ 2k yìí ló mú mi dá sí i. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, ibi tí a ti ń gbẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn tí a bá fún un tán. Èmi kò lo LM35, tẹ́ẹ̀místọ̀ 10k ni mo ní. Mo so ó tẹ̀lé 10k mìíràn láti 5 fólítì sí gíráùn, mo sì mú iná láàárín wọn gba 20k lọ sí ẹsẹ̀ 2. Rf mi jẹ́ 20k, nítorí náà ìlọ́po 1 ni mo ń retí. Mi ò rí i rí. Nígbà tí ibẹ̀ bá tutù mo ń rí 0.8, nígbà tó bá gbóná ó ń ga sí i. Ṣé tẹ́ẹ̀místọ̀ mi ni kò dára?

Bàbá-Míítà

Kò sóhun tó ṣe tẹ́ẹ̀místọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ 2k náà ló tún padà dé, ó kàn fara pamọ́ ni. Ní dígírì 25, 10k òkè àti 10k ìsàlẹ̀ rẹ dà bíi pé rẹsítọ̀ 5k wà nínú sẹ́ńsọ̀ náà. 20k pẹ̀lú 5k jẹ́ 25k, 20 pín sí 25 sì jẹ́ 0.8. Nígbà tí ooru bá dé 60, tẹ́ẹ̀místọ̀ irú èyí tó wọ́pọ̀ á ti bọ́ sí nǹkan bíi 2.5k, ohun tó fara pamọ́ náà á di 2k, ìlọ́po rẹ á sì gòkè sí 0.9. Ìwọ̀n rẹ ń bá ooru yí, kò sì sí rẹsítọ̀ kan tó o lè pààrọ̀ tó máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ra LM324, ọpuáḿpù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Fi mẹ́ta ṣe agbátẹrù, ọ̀kan fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ohun tó ń jáde padà tààrà sí ẹsẹ̀ máínọ́ọ̀sì rẹ̀, kí tẹ́ẹ̀místọ̀ wọlé sí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀sì. Ìkẹrin ni kó pò wọ́n pọ̀. LM35 kò nílò èyí, torí pé rẹsítọ̀ tó fara pamọ́ sínú tirẹ̀ kò tó óòmù kan.

Adìẹ-Rẹ́mọ

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ó ti ṣiṣẹ́! Bátìrì méjì àti 100k mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ 2 wà ní òdo. Mo lo ọ̀nà yìí láti dán an wò: mo mú LM35 kan ṣoṣo tó ń mú 0.302 fólítì wá, mo so ó mọ́ àbáwọlé kan, mo so àwọn méjì yòókù mọ́ gíráùn, mo sì ń gbé e káàkiri.

Tilẹ̀ fún mi ní −1.49. Tàárín fún mi ní −0.89. Tẹnu ọ̀nà fún mi ní −0.58. Gbogbo rẹ̀ ló dín díẹ̀ sí ohun tí mo ṣírò. Ṣé rẹsítọ̀ búlúù náà ló ń purọ́ ni?

Ìyá-Sọ́dà

So mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ gíráùn lẹ́ẹ̀kan náà, kó o wo ohun tó ń jáde.

Adìẹ-Rẹ́mọ

0.02 fólítì, lókè òdo.

Ìyá-Sọ́dà

Ó yé wa nìyẹn. Ohun tó o retí ni −1.51, −0.91 àti −0.60. Wo àlàfo tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 0.02, 0.02, 0.02. Ká ní rẹsítọ̀ ló yà ni, àṣìṣe tilẹ̀ ì bá tóbi ju tẹnu ọ̀nà lọ, torí pé ohun tó ń jáde níbẹ̀ ló tóbi jù. Àṣìṣe tó bá jẹ́ iye kan náà níbi gbogbo, tó sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó wọlé, ti inú ọpuáḿpù ni.

Bàbá-Míítà

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn nìyí. LM358 máa ń ní mílífólítì bíi 2 tàbí 3 tí ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3 fi yàtọ̀ síra, èyí tí kò dára tó lè dé 7. Ìlọ́po tí ìyàtọ̀ yẹn ń gbà kì í ṣe 5, kì í sì ṣe 3. Gbogbo rẹsítọ̀ tó wọ ẹsẹ̀ 2 ló ń kà á pọ̀, nítorí náà 10 pẹ̀lú 1 ni: 11. Mílífólítì 2 ti di 22 kó tó jáde. Bí o bá fi sẹ́ńsọ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún kún un, ìlọ́po yìí á máa ga sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n àwọn ti àkọ́kọ́ kò yí padà.

Níbi tìrẹ, dígírì kan jẹ́ 0.1 fólítì ní àbájáde, nítorí náà 0.02 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún dígírì. Òròmọdìẹ kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá bá LM358 tó wà ní 7 pàdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì kan, ìyẹn ti ń kan hítà. OP07 ló dáa fún ẹni tí èyí bá ń yọ lẹ́nu.

Ìdajì kejì LM358 náà ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Fi 100k kan gbé ẹsẹ̀ 1 lọ sí ẹsẹ̀ 6, fi 100k mìíràn gbé ẹsẹ̀ 7 padà sí ẹsẹ̀ 6, kí ẹsẹ̀ 5 wà ní gíráùn. −3.3 tìrẹ á jáde ní ẹsẹ̀ 7 gẹ́gẹ́ bíi 3.3.

Ọmọ-Ìlíṣàn

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Ṣé gbogbo wàhálà yìí pọn dandan? Ẹ so rẹsítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ojú kan, láìsí ọpuáḿpù. 20k, 33.3k, 50k: ohun tó wà ní ojú yẹn yóò jẹ́ 0.5, 0.3, 0.2 gan-an. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e wọ ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀sì LM358, kí ẹ gbé e ga ní ìlọ́po 10. Bátìrì kan tó, kò sí àmì máínọ́ọ̀sì, kò sí bátìrì kejì.

Bàbá-Míítà

Ìṣirò rẹ pé. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni ìgbà tí o bá fẹ́ yí nǹkan padà. Ní ojú kan tí kò sí ní òdo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fa ara wọn. Sọ 33.3k di 50k, tàárín kò ní jẹ́ 2 nínú 10, ó di 2 nínú 9, ilẹ̀ sì gòkè sí 5 nínú 9 láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Adìẹ-Rẹ́mọ fẹ́ máa tún ìwọ̀n ṣe bí àwọn òròmọdìẹ ṣe ń dàgbà. Mo ṣì dúró lórí èyí tó ní òdo.

Ìyá-Sọ́dà

Bàbá, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀. Ká ní wáyà sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀ já lóru, bóyá eku ló gé e. Nínú sàkíìtì wa, 5 yẹn di òdo. Ilé wà ní 33, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde á sọ pé 16.5. Hítà á máa jó lọ láìdúró, òròmọdìẹ á kú. Nínú ti Ọmọ-Ìlíṣàn, bí wáyà kan náà bá já, àwọn méjì tó kù á tún ìpín ara wọn ṣe, 0.6 àti 0.4, ohun tó ń jáde á sì ṣì wà ní 33.

Bàbá-Míítà

Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ti Ọmọ-Ìlíṣàn kò gbà ọ́ bí wáyà náà bá kan gíráùn dípò kó já. Kó wá tẹmosítáàtì lásán kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú sàkíìtì wa rárá, kó so ó sójú ọ̀nà iná hítà ní ìpele òròmọdìẹ, kó gé e ní dígírì 38.

Ìyá-Sọ́dà

Tẹmosítáàtì, bẹ́ẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ibi tí ẹ̀mí bá wà, sàkíìtì tó bá ń ṣubú sí ọ̀nà "tutù" nígbà tí wáyà já kò yẹ kó jẹ́ òun ló máa darí hítà.

Adìẹ-Rẹ́mọ

Mo ti gbọ́ tẹ̀yin méjèèjì. Sàkíìtì ti bàbá ni màá fi sílẹ̀ fún báyìí, torí a ó yí ìwọ̀n sí 4, 4, 2 lọ́sẹ̀ kẹta. Tẹmosítáàtì ni mo ń wá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, hítà kò sì ní wọ iná kó tó wà níbẹ̀. Ìyá-Sọ́dà, tí ẹ bá ní ọ̀nà tí sàkíìtì olódo yìí fi lè mọ̀ pé wáyà ti já, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.